Ìwé àlàyé iṣẹ́ fún ẹni tó máa ṣe sáìtì ọ́fíìsì lọ́yà: báwo la ṣe ń to ọjọ́, àtúnṣe àti owó?

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò márùn-ún kan. Àwọn ọ̀gá fẹ́ gbé iṣẹ́ sáìtì tuntun fún obìnrin kan tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní kí n kọ ìwé àlàyé iṣẹ́ tí a máa fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo ti kọ nìyí:

"A fẹ́ sáìtì tó bójú mu, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù. Kó parí láàárín oṣù kan. Àtúnṣe títí ọkàn wa yóò fi balẹ̀. Ìdajì owó nísinsìnyí, ìdajì tó bá parí."

Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kò tíì tó. Kí ló kù?

Àrà_Ọwọ́

Sáìtì àwọn lọ́yà ni mo sábà máa ń ṣe. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, "tó bá parí" ló máa dá ìjà sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣe sáìtì, iṣẹ́ ti parí nígbà tí gbogbo ojúewé bá ti dúró tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Lójú ọ̀gá yín, ó parí lọ́jọ́ tó bá tẹ orúkọ ọ́fíìsì sórí fóònù rẹ̀ tó sì rí fótò ara rẹ̀ níbẹ̀. Àárín méjèèjì lè tó oṣù mẹ́ta, torí ohun tó kù láàárín wọn ni àkọsílẹ̀ nípa àwọn agbẹjọ́rò, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ.

Nínú iṣẹ́ báyìí, àkọsílẹ̀ ló máa ń dá nǹkan dúró ju kóòdù lọ. Ẹni tó wà ní kóòtù láti àárọ̀ kì í ráyè jókòó kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta nípa ara rẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ojúewé. Ká fi tiyín ṣe é: ojúewé àkọ́kọ́, ojúewé kan nípa ọ́fíìsì, márùn-ún fún àwọn agbẹjọ́rò, ká ní mẹ́rin fún irú ẹjọ́ tẹ́ ẹ ń gbà, àti ojúewé ìkànsíni. Méjìlá nìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa kọ ohun inú rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa fi sílẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ló máa fi han àwọn ọ̀gá pé oṣù kan kò lè tó.

Ẹ má sì kọ déètì kan gbọnrangandan fún òpin iṣẹ́. Ẹ kọ iye ọjọ́ iṣẹ́ tó máa lò, kẹ́ ẹ máa kà á láti ọjọ́ tó bá gba ohun tó ń retí lọ́wọ́ yín. Tí fótò bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, òpin iṣẹ́ náà sún síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó máa bá ẹnikẹ́ni jà. Fún ojúewé méjìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi máa ń bèèrè.

Ọmọ_Ìṣirò

Owó ló ń mú èèyàn parí iṣẹ́. Ẹ fún un ní díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ di ìyókù mọ́wọ́ títí sáìtì á fi jáde fún gbogbo ayé. Tí ọjọ́ bá kọjá, kẹ́ ẹ máa yọ nínú owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mọ ẹni tó gba owó tán tí kò gbé fóònù mọ́, ojúewé méjì péré ló sì ti ṣe.

Àrà_Ọwọ́

@Ọmọ_Ìṣirò ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ pé kò yẹ kí owó tán kí iṣẹ́ tó tán. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kẹ́ ẹ so owó ńlá mọ́ ọjọ́ tí sáìtì bá jáde. Jíjáde sáìtì kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ọ́fíìsì ló ni páswọ́ọ̀dù dómènì, ọ̀gá ló máa fọwọ́ sí àkọsílẹ̀. Tí ọ̀gá bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé kí owó obìnrin yẹn bá a rìnrìn àjò ni?

Bí mo ṣe máa ń pín in nìyí. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, 30%, nígbà tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ tí owó yẹn bá wọlé ni kíkà ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. 30% míì nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí àwòrán ìrísí mẹ́ta, ìyẹn ti ojúewé àkọ́kọ́, ti agbẹjọ́rò kan àti ti irú ẹjọ́ kan, torí àwọn tó kù á tẹ̀ lé mẹ́ta yẹn. 30% nígbà tí ojúewé méjìlá bá ti dúró lórí àdírẹ́sì ìdánwò, níbi tí ẹ̀yin nìkan ti lè rí i. Ojúewé tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ò bá tíì dé á gba ọ̀rọ̀ tó kàn ń di àyè mú títí ti gidi á fi dé, a ó sì kà á mọ́ èyí tó ti parí. Lẹ́yìn owó kẹta ló máa gbé e jáde. 10% tó kù á di ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá jáde.

Ẹ wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pàdánù. Tó bá sá lẹ́yìn owó àkọ́kọ́, 30% ló gbé lọ, ẹ ṣì lè wá ẹlòmíì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó kẹta, ó ti ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́, 60% ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ti fi ojú ara yín rí ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Tó bá gbé e jáde kẹ́ ẹ tó san án, kò sí ohun tó lè fi mú yín mọ́. 10% tó gbẹ̀yìn ló máa jẹ́ kó gbé fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí àṣìṣe pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ máa ń yọjú.

Ní ti yíyọ owó nítorí ìpẹ́, ó lè bá ẹ̀tọ́ mu tí ìwé náà bá ń ka ìpẹ́ ọ́fíìsì pẹ̀lú. Tí kò bá kà á, ẹni tó gbọ́n á ti fi owó ewu yẹn lé iye tó máa bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà_Òwúrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa bí ìmeèlì ọ́fíìsì ò ṣe ní bàjẹ́? Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa nìyẹn. Wọ́n gbé sáìtì wa tuntun jáde ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Ó rẹwà, gbogbo wa yọ̀. Títí di ọ̀sán Tuesday, ìmeèlì kan ò wọlé. A rò pé ọjà ló dákẹ́ ni. Àfìgbà tí agbẹjọ́rò ẹnìkejì pè wá pé kí ló dé tí a ò fèsì sí ìwé tó fi ránṣẹ́, tí ọjọ́ ìdáhùn sì ti ń lọ. Ẹni tó ṣe sáìtì náà ní òun ò fọwọ́ kan ìmeèlì rárá. Ẹ bá mi kọ ìyẹn sínú ìwé yín, ẹ̀yin ará.

Àrà_Ọwọ́

Kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè gan-an nìyẹn, àmọ́ inú ààlà iṣẹ́ ló yẹ kó wà, ó sì dáa tẹ́ ẹ mú un wá. Ẹni yẹn lè má parọ́. Ohun tó ṣeé ṣe kó ṣe ni pé ó yí `Nameservers` dómènì yín, ìyẹn ibi tí gbogbo ìlà tó ń darí dómènì náà wà, padà sí ti ilé-iṣẹ́ tí sáìtì tuntun ń gbé. Ìlà tó ń darí ìmeèlì yín kò sí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun yẹn. Nígbà míì wọ́n ti ṣí àpótí ìmeèlì òfìfo fún dómènì náà lọ́dọ̀ tiwọn, tí ìwé á máa kó síbẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ̀wé sí yín kò fi rí i pé kò dé.

Tí ìmeèlì ò bá kúrò níbi tó wà, kò sídìí láti fọwọ́ kan `Nameservers`. Ìlà tó ń darí sáìtì nìkan ni kó yí:

```
@     A      203.0.113.25        ; èyí ni kó yí
www   CNAME  example.com.
@     MX     10 mail.example.net. ; ti ìmeèlì nìyí, má fọwọ́ kàn án
```

Kó tó ṣe é, kó da gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ kọ, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Lẹ́yìn tó bá jáde, kó lo àṣẹ `dig MX example.com` láti wo ìlà ìmeèlì, kó sì fi èsì wé ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́yin náà fi ìmeèlì kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láti àdírẹ́sì ìta, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ jáde. Mi ò kì í gbé sáìtì jáde ní Friday. Àárọ̀ Tuesday ló dáa jù, nígbà tí gbogbo èèyàn wà nídìí iṣẹ́ láti kíyè sí i.

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé sáìtì lè kan ìmeèlì. Ẹ jọ̀ọ́, ti àtúnṣe ńkọ́? Ọ̀gá àgbà fẹ́ àwọ̀ aró, ọ̀gá kejì ní ti àwọn onílé-ìfowópamọ́ nìyẹn, ẹ̀kẹta ò tíì sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá dé, á sọ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n kọ? Mo ń rò ó ní mẹ́rin.

Ìyá_Àkọsílẹ̀

Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ inú sáìtì, mo sì ti jókòó láàárín àwọn ọ̀gá báyìí rí. Ìyá mi, iye kọ́ ni ìṣòro. Ẹ lè kọ mẹ́rin kó má tó yín, ẹ sì lè kọ méjì kó ṣẹ́ kù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ ni ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ìwé kan ṣoṣo, tó ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá, tí gbogbo ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ yí wà nínú rẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ rí iṣẹ́ náà. Ẹni yẹn lè jẹ́ ẹ̀yin. Kí àwọn ọ̀gá mẹ́ta jà tán láàárín ara wọn kí ìwé yẹn tó jáde. Ohun tó ń jẹ àtúnṣe run ni pé ọ̀gá kan fi fóònù ránṣẹ́ ní Monday pé kí àwọ̀ ṣú sí i, èkejì pè ní Wednesday pé kó mọ́lẹ̀, ẹ̀kẹta rí i ní Friday tó sì ní kí wọ́n dá a padà. Obìnrin yẹn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yin sì rò pé ẹ ò tíì lo ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Tí fọ́ọ̀mù ìkànsíni ò bá ránṣẹ́, tàbí tí ojúewé ń ya kúrò lórí fóònù, àṣìṣe nìyẹn, kò sí iye tí a ń kà fún un, kó tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní kí fótò tóbi sí i nínú àwòrán tẹ́ ò tíì fọwọ́ sí, àtúnṣe nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí àwòrán, tẹ́ ẹ wá ní kí àwọn oníbàárà lè wọlé wo fáìlì ẹjọ́ wọn, iṣẹ́ tuntun nìyẹn, ó ní owó tirẹ̀ àti ọjọ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú ìyàsọ́tọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lórí àwòrán àti ẹ̀ẹ̀kan lórí àdírẹ́sì ìdánwò tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí àkọsílẹ̀: ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kan ka gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn, kẹ́ ẹ sì fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ètò. Ẹni tó ń ṣe sáìtì lè fi "àwa la máa ń borí" sí ojúewé àkọ́kọ́ láìfura. Òfin tó de ìpolówó àwọn agbẹjọ́rò kì í gba irú ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ́fíìsì ló sì máa dáhùn fún un.

Lámèyítọ́

Iṣẹ́ àdéhùn ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ fi nǹkan mélòó kan kún un.

Àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù ìkànsíni. Ní sáìtì lọ́yà, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe sáìtì láti pinnu. Tí fọ́ọ̀mù yẹn bá ní àpótí ńlá tó ní "sọ ẹjọ́ rẹ fún wa", ẹnì kan lè tú gbogbo àṣírí rẹ̀ síbẹ̀, kó wá jẹ́ pé ẹni tó ń bá a jà ni oníbàárà yín. Ẹ ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ gbọ́, ẹ sì lè ní láti yọwọ́ nínú ẹjọ́ tó ti wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ láti inú àkójọ kúkúrú, àti orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní òdìkejì: ó tó. Kí gbólóhùn kan wà lókè bọ́tìnnì pé fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di oníbàárà, àti pé kí wọ́n má kọ àṣírí síbẹ̀. Agbẹjọ́rò yín ni kó kọ gbólóhùn yẹn. Kí ohun tí wọ́n bá kọ lọ sí ìmeèlì ọ́fíìsì, kó má ṣẹ́ kù sínú sáìtì.

Èkejì, àwọn tó ń ṣe sáìtì fẹ́ràn gbólóhùn kan pé tí ọ́fíìsì kò bá fèsì láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti gbà. Mi ò ní jẹ́ kí oníbàárà mi fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan lè wà tí gbogbo àwọn agbẹjọ́rò yín wà lẹ́nu ẹjọ́ kan ṣoṣo. Kí ìdákẹ́jẹ́ dá kíkà ọjọ́ dúró, kó má di ìfọwọ́sí.

Ẹ̀kẹta, ta ló ni iṣẹ́ náà? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe bá dá, tirẹ̀ ló ṣì jẹ́ títí tó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín. Owó sísan nìkan kò gbé e. Ẹ kọ ọ́ pé tí owó ìkẹyìn bá wọlé, ẹ̀tọ́ lórí ìrísí àti àkọsílẹ̀ di ti ọ́fíìsì. Orúkọ ọ́fíìsì ni kí wọ́n sì fi gba dómènì láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Àrà_Ọwọ́

@Lámèyítọ́ mo gba ti fọ́ọ̀mù àti ti ẹ̀tọ́. Ti ìdákẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Tí ìdákẹ́jẹ́ bá kàn ń dá ọjọ́ dúró, iṣẹ́ lè dúró fún oṣù mẹ́fà, tí mi ò lè gba ẹlòmíì torí mo ń retí yín, owó mi ò sì wọlé. Ó kéré tán, kí ìwé sọ pé tí ìdúró bá kọjá ọjọ́ 30, kí ọ́fíìsì san owó iṣẹ́ tí mo ti ṣe, kí n sì láṣẹ láti dá ọjọ́ tuntun nígbà tí wọ́n bá padà dé.

Lámèyítọ́

Owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, mo gbà. Ta ló máa wọn iye rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá wà láàárín, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí i? Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"Ojúewé méjìlá ni, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó wà lẹ́yìn ṣe tò wọ́n, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù ìkànsíni yóò ní ohun mẹ́rin péré, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò sì lọ sí ìmeèlì wa nìkan. Ìmeèlì ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ yí padà. Wọn yóò dán an wò kí sáìtì tó jáde àti lẹ́yìn tó bá jáde.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà. A ó máa kà á láti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé, kíkà yóò sì dúró ní gbogbo ìgbà tí a bá pẹ́ láti fi ohun tó ń retí sílẹ̀. Tí ìdúró bá kọjá ọjọ́ 30, a ó san owó iṣẹ́ tó ti ṣe.

"Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lórí àwòrán, ẹ̀ẹ̀kan lórí àdírẹ́sì ìdánwò. Akọ̀wé ọ́fíìsì nìkan ló máa fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́. Àṣìṣe kò sí nínú kíkà yìí.

"Owó: 30% nígbà ìfọwọ́sí, 30% nígbà tí a bá fọwọ́ sí àwòrán, 30% nígbà tí gbogbo ojúewé bá dúró lórí àdírẹ́sì ìdánwò, 10% lẹ́yìn ọjọ́ 14 tó bá jáde. Nígbà tí owó ìkẹyìn bá wọlé, ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà di ti ọ́fíìsì."

Ọ̀gá àgbà ti kà á. Ó ní kí n má san 90% kó tó jáde, ó pọ̀ jù.

Ọmọ_Ìṣirò

Ọ̀gá yín sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. 20% ni kẹ́ ẹ dì mú, ó kéré tán.

Àrà_Ọwọ́

Èmi lè gba 20% lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ti ní gbogbo àkọsílẹ̀ nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ohun tó máa dá jíjáde dúró mọ́. Ẹ fi ìyẹn lọ ọ̀gá yín. Tí wọ́n bá lè kó ojúewé márùn-ún àwọn agbẹjọ́rò wá ní kíkọ tán pẹ̀lú fótò wọn lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, kẹ́ ẹ bá obìnrin náà sọ ọ́ pé 30, 30, 20, 20 ni. Tí wọn ò bá lè kó o wá, kí 10% yẹn dúró bó ṣe wà.

Ẹ fi gbólóhùn kan kún un sí i: lọ́jọ́ tí owó ìkẹyìn bá wọlé, kó kó gbogbo páswọ́ọ̀dù, fáìlì àwòrán ìrísí àti ìwé àṣẹ àwọn fótò tó rà fún yín, kí àṣẹ fótò sì wà lórúkọ ọ́fíìsì.

Akọ̀wé_Ọ́fíìsì

Àwọn méjì ti kọ tiwọn, fótò mẹ́rin wà nílẹ̀. Mo máa lo ọ̀sẹ̀ yìí lórí àwọn mẹ́ta tó kù kí n tó fi ìwé ránṣẹ́ sí i.